Ẹja, ọjà, ajá: ìdí tí ewì Ìjàpá kan kò fi dùn létí

*Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kíláàsì kejì ni mí ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Mo kọ àlọ́ Ìjàpá kan ní ewì fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ìjàpá ń kọrin kí ìgèrè apẹja lè ṣí fún un, ó ń wọlé jẹ ẹja, ó ń jáde, títí ó fi yó jù lọ́jọ́ kẹta tí kò lè jáde mọ́. Mo rí i dájú pé "ja" ló parí gbogbo ìlà, mo sì fi ègbè rẹ̀ sí ohùn orin òyìnbó kan tí àwọn ọmọ ti mọ̀ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Síbẹ̀ kò dùn létí, àwọn ọmọ kò sì gba ègbè náà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:*

*Ìjàpá gbéra láàárọ̀, ó ń lọ sí ọjà,*
*Nítorí pé Yánníbo ìyàwó rẹ̀ fẹ́ jẹ ẹja,*
*Lójú ọ̀nà ló ti rí apẹja kan àti ajá.*
*Ègbè: Ìgèrè apẹja, lanu o, lanu.*

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ewì rẹ. Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á, n kò rí àléébù kankan. Ìgbà tí mo wá kà á sókè ni àṣírí tú.

Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó parí ìlà rẹ sínú ìwé, kí o fi dò-re-mí sí wọn gẹ́gẹ́ bí o ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọjà: re, dò. Ẹja: re, re. Ajá: re, mí. Ìlà kìíní sọ̀ kalẹ̀, ìkejì dúró lójú kan, ìkẹta gun òkè. Lẹ́tà kan náà ni o kọ, àmọ́ ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni etí gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ní Ẹ̀pẹ́ kò lè fi ẹja pe ajá láéláé, nítorí náà kò sí bí etí rẹ̀ ṣe máa gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn.

Ohun tó fa èyí ni pé èdè wa kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀. Fáwẹ̀lì ló máa ń wà lópin ọ̀rọ̀ wa, fáwẹ̀lì àìránmúpè kò sì ju méje lọ, àránmúpè kò ju márùn-ún. Bí obìnrin méjì bá ń ná ẹja lọ́wọ́ ní ọjà Olúwo, tí èkíní parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "ata", tí èkejì dá a lóhùn pẹ̀lú "owó ọjà", "a" ló parí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n ń kéwì. Fáwẹ̀lì tó bára mu máa ń bọ́ sẹ́nu wa láìwá a, ìdí nìyẹn tí etí kì í fi í kà á sí nǹkan kan. Ohùn ni etí ń dúró dè. Àwọn baba wa kò tilẹ̀ gbára lé ìparí ìlà tó jọra rárá. Nínú ìjálá tàbí oríkì, ìhun gbólóhùn tí wọ́n ń tún sọ àti ohùn òkè tó ń tako ohùn ìsàlẹ̀ ló ń mú un dùn. Ilé ìwé ni a ti kọ́ pé kí ìparí ìlà máa jọra. N kò bá ẹ jà lórí ìyẹn, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ bí o bá fẹ́ ẹ, fáwẹ̀lì àti ohùn gbọ́dọ̀ jọ bára mu.

Nítorí náà, kí o tó kọ ìlà kan ṣoṣo, ṣa àwọn ọ̀rọ̀ rẹ sí ìdì mẹ́ta. Nínú àlọ́ tìrẹ yìí, àwọn tí ohùn wọn dúró láàárín ni ẹja, ata, aya, ọba. Àwọn tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀sà, ọ̀nà, ìyà, àrà. Àwọn tó gun òkè ni ajá, igbá, kọjá, sá. Wò ó bí oríire ṣe bá ọ: ata, ẹja àti aya wà nínú ìdì kan náà, ohun tí ìtàn ìdáná nílò gan-an nìyẹn. Ọ̀sà àti ọ̀nà wà papọ̀ fún ìrìn òru. Fi ìdì kọ̀ọ̀kan ṣe ẹsẹ kan, má pò wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ gígùn ìlà ló kàn. Ìlà rẹ kejì gùn jù fún ẹnu ọmọdé, "nítorí pé" àti "ìyàwó rẹ̀" ló sì sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ta ni kò mọ̀ pé Yánníbo ni ìyàwó Ìjàpá? Yọ ọ́. Àmọ́ bí o bá ń ka sílébù, má ka ohun tó wà nínú ìwé, ka ohun tí ẹnu ń pè. "Jẹ ẹja" jẹ́ sílébù mẹ́ta nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ méjì ni lẹ́nu: jẹja. "Gbogbo ọ̀nà" máa ń di gbogbọ̀nà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń fi ìka ka lẹ́tà lórí bébà, tí orin á wá máa já lẹ́nu wọn nítorí pé fáwẹ̀lì méjì ti di ọ̀kan láìsọ fún wọn. Fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì bí o bá ń kà, ẹ̀ẹ̀kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan. Mo mú méje fún ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọmọ kékeré lè fi èémí kan pe méje láìdánu dúró.

Bí mo ṣe tún ẹsẹ kìíní kọ nìyí. Mo kọ ọ́ ní kíkún, kí ìwọ fi ẹnu pa á pọ̀:

Yánníbo jí, ó lọ ata,
Ọbẹ̀ ń hó, kò sí ẹja;
Ìjàpá bá wí fún aya:
"Lálẹ́, wà á jẹ bí ọba."

Gbọ́ bó ṣe rí lẹ́nu: lọta, sẹ́ja, fáya, bọ́ba. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ mí-re, ìyẹn ni pé kì í ṣe sílébù ìkẹyìn nìkan ló bára mu, èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà bá a mu. Lọta nìkan ló jẹ́ re-re. Ó rọ̀ díẹ̀ létí mi, àmọ́ mo fi í sílẹ̀ nítorí pé ata lílọ̀ ni àwọn ọmọ ń rí nílé láràárọ̀, n kò sì fẹ́ tìtorí ohùn kan pa àwòrán náà rẹ́. Bí sílébù méjì bá bára mu, ó dùn jù. Bó bá jẹ́ ọ̀kan, ó tó.

Ẹsẹ òru nìyí, ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi parí gbogbo rẹ̀ nítorí pé yíyọ́ rìn ni Ìjàpá ń yọ́ rìn:

Ó yọ́ jáde, ó wọ ọ̀sà,
Òkùnkùn bo gbogbo ọ̀nà;
Ó ní, "N ò ní jẹ ìyà,
Orin mi yóò dá àrà."

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ègbè, níbi tí ìṣòro rẹ gan-an wà. "Lanu o, lanu." Pè é ní dò-re-mí: re, re, re, re, re. Kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí onílù bá fi dùndún lu ú, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń wí. O wá mú ohùn orin òyìnbó, o gbé e lé e lórí, ohùn yẹn ń lọ sókè sódò bó ṣe wù ú, ọ̀rọ̀ náà sì ń yí lẹ́nu àwọn ọmọ. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ gbè é o. Ẹnu wọn ń sọ ohun kan, ohùn orin ń sọ òmíràn, ọmọ á sì kúkú dákẹ́. Ohùn orin òyìnbó wúlò fún ọ̀rọ̀ òyìnbó tí a ṣe é fún. Nínú àlọ́ àpagbè, inú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ la ti ń fa ohùn orin yọ.

Ègbè tí mo fi rọ́pò rẹ̀ nìyí:

Lílé: Ìgèrè, ìgèrè,
Ègbè: Ṣí gbàgà, jẹ́ n kọjá!

Ìgèrè jẹ́ dò, dò, dò. O máa pè é lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ á wà nísàlẹ̀ pátápátá bí ẹni tó ń pe nǹkan nínú omi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ á fò sókè: mí dò dò, mí re re mí. Wọn kò ní í béèrè ìgbà tó kàn wọ́n, nítorí pé fífò yẹn ló ń sọ ọ́ fún wọn. O kò nílò láti wá ohùn orin fún un. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kíákíá, wàá rí i pé ó ti ń di orin lẹ́nu rẹ. Ohun kan ṣoṣo tí o gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni sílébù ìkẹyìn. Ó máa ń wu àwọn ọmọ láti já orin sílẹ̀ lópin, bí "já" bá sì já sílẹ̀, ó ti sún mọ́ "jà". Ní kí wọ́n ju ọwọ́ sókè bí wọ́n bá dé ibẹ̀, ohùn á tẹ̀ lé ọwọ́.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sọ pé "kí n wọlé". Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ìjàpá ní láti jáde pẹ̀lú, bó bá sì ń jáde, ègbè á di "kí n jáde", ègbè méjì la ti ní yẹn. Ègbè kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ọmọ tó sùn lọ láàárín ìtàn, tó jí padà, ègbè ló máa fi mọ ibi tí a wà. "Jẹ́ n kọjá" bá wíwọlé mu, ó bá jíjáde náà mu. Àǹfààní kejì rèé: ìlú tí ẹnu pọ̀ sí ni Ẹ̀pẹ́. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí ìran wọn bá Kòsọ́kọ́ dé lẹ́yìn ogun 1851 wà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sì tún wà. Bí o bá fi "wọlé" sínú ègbè, ọmọ kan lè gbọ́ "ilé" nínú rẹ̀, ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pe ilé ní ulé lè fẹ́ gbé tiwọn wá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ inú ègbè kọ́ ni ó yẹ kó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ogójì ẹnu gbọ́dọ̀ ti dún bí ọ̀kan.

Kí o tó mú ègbè èyíkéyìí wọ kíláàsì, pa ẹnu dé kí o kùn ún. Hún hùn hùn, hún hun hun hún. Bí ẹni tó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí bá lè sọ ọ̀rọ̀ tí o ń kùn, ègbè rẹ dáa. Kùn "lanu o, lanu", wàá rí i pé ó dún bí ẹni tí inú ń run.

Ìdánwò kíkùn yẹn gan-an ló tọ́ka ibi tí ìtàn rẹ ti já fún mi. O ní Ìjàpá yó jù, kò lè gba ẹnu ìgèrè jáde mọ́. Ọmọ kan máa gbọ́ ìyẹn, á sì ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yìn Ìjàpá máa ń wú ni?" Kì í wú. Egungun ni. Ikùn eku lè wú, ti Ìjàpá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ sì ti fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìjàpá rí. Lọ́nà kejì, ìgèrè kò tilẹ̀ nílò kí ẹnikẹ́ni yó kó tó há mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe hun ún ni pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ níta, ó ń dín kù bó ṣe ń wọnú, àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níbẹ̀ sì kọjú sínú. Ẹja á máa tì wọ́n wọlé wẹ́rẹ́, bó bá yíjú padà, ṣóńṣó wọn ló máa kò ó lójú. Èyíkéyìí nínú ẹran omi tó bá wọ ibẹ̀, tó yó tàbí tí kò yó, ibẹ̀ ló wà. Orin nìkan ló ń mú Ìjàpá jáde. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kó há, orin ni kí o gbà lẹ́nu rẹ̀, má fọwọ́ kan ikùn.

Kí ló lè gba orin lẹ́nu Ìjàpá? Ẹja náà ni. Ní alẹ́ kìíní, ó jẹ níwọ̀n. Ní alẹ́ kejì, ó jẹ, ó tún fi ọwọ́ mú ọ̀kan lọ fún Yánníbo. Ní alẹ́ kẹta, ọwọ́ méjèèjì ti kún, abíyá ti kún, ó ní òun kò ní í fi èyí tó kù sílẹ̀, ó bá kì í bọ ẹnu:

Ẹnu rẹ̀ kún bíi igbá,
Ohùn rẹ̀ há, kò kọjá;
Apẹja dé pẹ̀lú ajá,
Ahun wá ò rí ọ̀nà sá.

Lílé: Hùn hùn hùn, hùn hùn hùn,
Ègbè: Hún hùn hùn, hún hun hun hún!

Ẹsẹ yìí nìkan ni mo parí pẹ̀lú ohùn òkè, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ègbè nìkan ló ń parí pẹ̀lú "á". Nígbà tí ẹsẹ fúnra rẹ̀ bá wá ń parí bí ègbè, etí àwọn ọmọ á ti mọ̀ pé nǹkan kan fẹ́ ṣẹlẹ̀ kí ìwọ tó sọ ọ́. "Kọjá" tó wà nínú ègbè náà ló padà wá níbẹ̀, àmọ́ "kò" ti wà níwájú rẹ̀.

Ka iye ìgbà tí ègbè wáyé: wíwọlé àti jíjáde lálẹ́ kìíní, wíwọlé àti jíjáde lálẹ́ kejì, wíwọlé lálẹ́ kẹta. Márùn-ún nìyẹn kí ẹnu tó dí. Má dín in kù, nítorí pé bí ègbè kò bá tíì mọ́ àwọn ọmọ lára, kíkùn náà kò ní í pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọn kò ní í mọ ohun tó ń kùn. Ìlà tó wà láàárín ègbè lo lè dín kù. Fún alẹ́ kejì, má kọ ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ti mọ ọ̀nà ọ̀sà, kò sídìí láti tún mú wọn gba ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Apẹja rẹ náà ń kọ́? Má jẹ́ kí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà lọ́jà ní ẹsẹ kìíní bí o ṣe kọ ọ́. Bí Ìjàpá bá ti rí i, tó rí ajá rẹ̀, tí òun náà sì rí Ìjàpá, kí ni ọgbọ́n àrékérekè tó kù? Jẹ́ kí ó máa sùn títí di alẹ́ kẹta. Ọjà pàápàá kò wúlò nínú ìtàn yìí. Mo fura pé torí "ja" lo ṣe gbé e wọ̀ ọ́.

Mo dán an wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà lójúde wa, mẹ́sàn-án ni wọ́n, àbíkẹ́yìn wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní ìgbà kìíní tí mo lé e, mẹ́ta ló gbè é. Ní ìgbà kẹta, n kò tíì pe "ìgèrè" kejì tán tí wọ́n ti gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tó di alẹ́ kẹta, mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo kùn. Àwọn náà fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n kùn ún padà, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ parí rẹ̀ sí. Àfi bí àbíkẹ́yìn wọn ṣe dìde dúró, tó sì pariwo mọ́ mi pé, "Tu ẹja yẹn dànù!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má kọ́ olè lọ́gbọ́n, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn, àwọn kan fẹ́ kó tu ú, àwọn kan fẹ́ kí apẹja mú un. Títí ìyá wọn fi pè wọ́n wọlé, n kò rí àyè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìjàpá, n kò sì tíì kọ ẹsẹ yẹn di àkókò yìí. Kọ tìrẹ bí ẹnu kíláàsì rẹ bá ṣe kò sí. Ṣáà rí i pé ohùn ìparí rẹ̀ bára mu.